Àárín Ìlà Méjì Ni Ẹrù Ti Ń Pẹ́

Oníkéèkì kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára kéèkì lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà ní Mansẹ́sítà. Páálí náà dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, nígbà tí ìgbéyàwó tó tìtorí rẹ̀ rà á ti kọjá. Obìnrin náà ní ontajà ló jókòó lé ọjà lórí. Ontajà ní, “Ẹ má bínú mà, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà ló dá a dúró, ẹ wò ó fúnra yín.” Sìkírínṣọ́ọ̀tù kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wáàsáàpù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Àpẹẹrẹ tí mo tò fún àlàyé ni o, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ àti ọlidé tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti kàlẹ́ńdà ọdún 2024 gan-an, ẹni tó bá sì ti ra ọjà láti òkè òkun rí kò ní ṣàì mọ irú àríyànjiyàn yìí.

Àwòrán náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kálukú wọn mú ìlà kan, ó sì fi ìlà yẹn dá ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ìlà tó wà lórí ìkànnì ìtọpasẹ̀ ẹrù kì í sọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó. Ohun tó ń sọ kò ju pé ní aago báyìí, ní ìlú báyìí, ẹnì kan fi ẹ̀rọ ka àmì ara páálí. Ìpẹ́ kò sí nínú ìlà rárá. Àárín ìlà méjì ló máa ń fara pamọ́ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹrù há sí, àlàfo ni yóò kà, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé ọwọ́ ta ni páálí wà nígbà tí àlàfo yẹn ń lọ.

Ohun tí ojú fóònù fi han àwọn méjèèjì nìyí:

```
19/04 13:05  Delivered - IBADAN
17/04 11:20  Attempted delivery - IBADAN
16/04 09:10  Arrival at delivery office - IBADAN
12/04 15:45  Returned from customs - LAGOS
02/04 10:30  Held by customs - LAGOS
23/03 06:50  Arrival at inward office of exchange - LAGOS
20/03 22:15  Departure from outward office of exchange - LONDON
20/03 03:40  Arrival at outward office of exchange - LONDON
19/03 16:20  Posting/Collection - MANCHESTER
14/03 19:02  Sender preparing item
```

Tuntun ló wà lókè, àtijọ́ ló wà nísàlẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìkànnì ṣe ń tò ó nìyẹn, torí ẹni tó ń dúró de ẹrù kì í bìkítà fún ibi tí ẹrù ti wà lóṣù tó kọjá. Ibi tó wà lónìí ló ń wá. Àmọ́ ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gbọ́dọ̀ yí i padà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Kí ó tó máa kọ ọ́, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àwòrán náà pé. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n á wá fi ìyókù pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “Show more” tàbí irú rẹ̀ sí. Ìlà àkọ́kọ́, èyí tí ontajà kì í sábà fẹ́ kí á rí, ló sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ìlà bá pọ̀ ju ojú fóònù lọ, ẹ ya àwòrán náà ní ìdá méjì tàbí mẹ́ta, kí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀kan tún fara hàn nínú èyí tó tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn ni ẹ óò mọ̀ pé kò sí ohun tó já sí àárín.

Àwọn ìkànnì mìíràn kì í kọ ọjọ́, wọn á kàn kọ “Yesterday” tàbí “2 days ago”. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò wúlò àfi bí ẹ bá mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á. Fóònù tó ya àwòrán máa ń tọ́jú ọjọ́ náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ gba orí Wáàsáàpù, ọjọ́ yẹn kì í bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Ohun tó yá jù ni pé kí ẹ ní kí ẹni náà ṣí ìkànnì lákọ̀tun, kó tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ gidi yóò fi hàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, kí wọ́n tó kọ ọjọ́. 02/04 tí àwa ń kà sí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ni lójú wọn. Ọ̀nà àtimọ̀ kò le: ẹ wá ìlà tí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ ju 12 lọ. Nínú àwòrán wa, 23/03 ti tú àṣírí, torí kò sí oṣù kẹtàlélógún.

Ti aago náà wà níbẹ̀. Aago ìlú tí wọ́n ti ka àmì ni ìlà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń lò. Títí di ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2024, Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Èkó. Lọ́jọ́ 31 ni wọ́n sún aago wọn síwájú, tí ìlú méjèèjì wá ń lo aago kan náà. Wákàtí kan kò lè yí ẹjọ́ ẹrù tó pẹ́ ní oṣù kan padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ṣáínà ni ọjà ti ń bọ̀, wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́rú níbẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni l'Ékòó, ọjọ́ sì ti yí padà nìyẹn.

Nọ́ńbà ìtọpasẹ̀ tó máa ń wà lókè àwòrán ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá ti ọwọ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ kan lọ sí ọwọ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ mìíràn, àmì 13 ni nọ́ńbà náà máa ń ní: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti lẹ́tà méjì, bíi RR123456785GB. Àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Súwísáláǹdì lọ́dún 1874 ló ni ìlànà yìí. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn ń sọ ilẹ̀ tí ẹrù ti gbéra: GB ni Bìrìtéènì, CN ni Ṣáínà, NG ni Nàìjíríà. Èyí tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà mẹ́sàn-án yẹn, ìṣirò ni wọ́n fi ń mú un jáde látinú mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá ṣi ọ̀kan kọ látinú àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ìkànnì lè sọ fún yín pé nọ́ńbà náà kò bá ìlànà mu. Kì í ṣe pé ẹrù ti sọnù.

Àǹfààní tó wà nínú ìlànà kan náà yìí ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ tí ẹrù ti gbéra àti ti ilẹ̀ tó ń lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo ìlà tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan ló máa ń hàn lọ́dọ̀ èkejì, ìlà kan ṣoṣo tó bá sì bọ́ sí àárín àlàfo ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lè yí ẹni tí ẹ óò bi léèrè padà.

Ẹ jẹ́ ká wá tún àwòrán oníkéèkì kọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí á fi orúkọ ọjọ́ kún un, torí ìkànnì kò sọ èwo ni ọjọ́ iṣẹ́ àti èwo ni òpin ọ̀sẹ̀.

- Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta 2024, aago 7:02 alẹ́: ontajà forúkọ ẹrù sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ.
- Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹta, aago 4:20 ìrọ̀lẹ́: ìfìwéránṣẹ́ gba páálí ní Mansẹ́sítà.
- Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹta, aago 3:40 ìdájí: ó dé ibùdó ẹrù òkè òkun ní Lọ́ńdọ̀nù.
- Ọjọ́rú kan náà, aago 10:15 alẹ́: ó jáde ní ibùdó náà.
- Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹta, aago 6:50 àárọ̀: ó dé ibùdó ẹrù òkè òkun l'Ékòó.
- Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹrin, aago 10:30 àárọ̀: aṣọ́bodè dá a dúró.
- Ẹtì, 12 oṣù Kẹrin, aago 3:45 ọ̀sán: aṣọ́bodè dá a padà fún ìfìwéránṣẹ́.
- Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹrin, aago 9:10 àárọ̀: ó dé pósófíìsì Ìbàdàn.
- Ọjọ́rú, 17 oṣù Kẹrin, aago 11:20 àárọ̀: wọ́n gbé e lọ, wọn kò rí ẹni gbà á.
- Ẹtì, 19 oṣù Kẹrin, aago 1:05 ọ̀sán: ó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Láti ìgbà tí ontajà ti forúkọ ẹrù sílẹ̀ títí ó fi dé, ọjọ́ 36 ni. Láti ìgbà tí ìfìwéránṣẹ́ ti gbà á, ọjọ́ 31. Ìyàtọ̀ ọjọ́ márùn-ún tó wà níbẹ̀ ni àlàfo àkọ́kọ́.

“Sender preparing item” kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti gba páálí. Ó kàn túmọ̀ sí pé ontajà ti sanwó, ó ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, ó sì ti lè tẹ ìwé tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Páálí lè wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ pé òun “ti fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀”, òótọ́ ló sọ nípa ìwé, kì í ṣe nípa ẹrù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni páálí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàfo yìí kò ní àríyànjiyàn: tirẹ̀ ni, kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ẹrù.

Láti Mansẹ́sítà títí ó fi jáde ní Lọ́ńdọ̀nù kò pé wákàtí 30. Kò sí ohun tí a fẹ́ wí síbẹ̀.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó gba ọjọ́ méjì àti wákàtí méje ó lé díẹ̀, tí a bá ti yọ wákàtí kan tí aago fi yàtọ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í lò ju bíi wákàtí mẹ́fà sí méje lọ ní ojú ọ̀nà yẹn, nítorí náà ẹnì kan lè ní ó pẹ́. Àmọ́ ìlà “Departure” kò sọ pé ọkọ̀ ti gbéra. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti di páálí pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ Èkó, wọ́n sì ti pa àpò náà dé. Àpò lè dúró de àyè nínú ọkọ̀. Lápá Èkó náà, ó lè jẹ́ àmì ara àpò ni wọ́n kà nígbà tó dé, kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n tó mú páálí kọ̀ọ̀kan jáde. Níbi àlàfo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pariwo pé ẹrù àwọn ti sọnù, torí pé kò sí ẹni tó ń ka àmì rẹ̀ nígbà tó wà nínú àpò. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ọjọ́ méjì kò tó nǹkan tí a ń pè ní ìpẹ́.

Àlàfo méjì tó tẹ̀lé e ni ọ̀ràn wà. Ọ̀kan gba ọjọ́ mẹ́wàá, láti 23 oṣù Kẹta sí 2 oṣù Kẹrin. Èkejì náà gba ọjọ́ mẹ́wàá, láti 2 sí 12 oṣù Kẹrin. Ogún ọjọ́ l'Ékòó, “Held by customs” sì wà láàárín wọn tó ń pe ojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ń ṣí ìkànnì lójoojúmọ́ láti ọjọ́ 2 dé ọjọ́ 12 kò rí nǹkan mìíràn lókè àfi ìlà yẹn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ogún ọjọ́ fi di ti aṣọ́bodè lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Kí á kọ́kọ́ yọ àwọn ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́. Nínú àlàfo ti ìṣáájú, ọjọ́ 29, oṣù Kẹta jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin jẹ́ Ajé ọdún Àjíǹde. Ọlidé ni méjèèjì ní Nàìjíríà. Ẹ tún yọ Àbámẹ́ta àti Àìkú kúrò. Odindi ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù ni Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, láti 25 sí 28. Nínú àlàfo kejì, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde ọjọ́ 9 àti 10, oṣù Kẹrin fún ọlidé, wọ́n tún fi ọjọ́ 11 kún un. Odindi ọjọ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni 3, 4, 5 àti 8. Mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn méjèèjì, láìka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an mọ́ ọn.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo Excel tàbí irú rẹ̀ kò ní láti fi ìka ṣírò. Kó to ọjọ́ tẹ̀léra sínú A2 dé A11, kó kọ àwọn ọlidé márùn-ún yẹn sínú H2 dé H6, kó sì tẹ ìlà yìí:

```
=NETWORKDAYS(A6,A7,H2:H6)
```

Ìdáhùn yóò jẹ́ 5, torí ó ka ọjọ́ ìparí mọ́ ọn; ó ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ náà tó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Iye ọjọ́ iṣẹ́ dọ́gba nínú àlàfo méjèèjì. Ta ni kí a wá mú? Ibí ni sìkírínṣọ́ọ̀tù ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àwọn ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé. Oníkéèkì ṣí fóònù rẹ̀, ó sì rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹrin, pé kó mú rìsíìtì ọjà wá kí wọ́n lè mọ iye owó tí yóò san. Ó tún wo lẹ́tà orí ẹ̀rọ tó fi dá wọn lóhùn: ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹrin ló fi rìsíìtì náà ránṣẹ́. Bí a bá ki ìlà méjì yìí bọ àárín àkọsílẹ̀ wa, àlàfo ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ti aṣọ́bodè já sí mẹ́ta. Láti 2 sí 4, aṣọ́bodè yẹ ẹrù wò, wọ́n sì béèrè ìwé. Láti 4 sí 8, oníkéèkì ni wọ́n ń dúró dè. Láti 8 sí 12, ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ọlidé, ọjọ́ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀lé ọlidé ni wọ́n sì dá ẹrù sílẹ̀. Ní tèmi o, bí a bá ń pín ẹ̀bi, aṣọ́bodè ni ìpín rẹ̀ kéré jù nínú ogún ọjọ́ yẹn.

Wọ́n kò tún ní ṣàì bi ontajà ní ìbéèrè kan. Lára páálí ni ìwé kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní CN22, tàbí CN23 fún ẹrù tí owó rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ti ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe wúwo tó àti iye owó rẹ̀. Lára páálí oníkéèkì, “Tools” nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò sì kọ iye owó tó ṣe é gbà gbọ́. Aṣọ́bodè tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò béèrè rìsíìtì, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ má ya páálí sọnù kí ẹ tó ya àwòrán ìwé yẹn. Kì í sí nínú ìkànnì, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ṣàlàyé ìdí tí ẹrù fi dúró ju ìlà tó ní òun dúró lọ.

Ó wá ku àlàfo ti 23 oṣù Kẹta sí 2 oṣù Kẹrin. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan níbẹ̀, kò sí ìpè, kò sí ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin gbáko kọjá kí ọdún Àjíǹde tó dé, ẹrù sì wà l'Ékòó láìsí ìlà kan. Ibí ni mo máa fi ìka tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹrù há sí, torí òun nìkan ni àlàfo ńlá tí kò sí ohun tó ṣàlàyé rẹ̀. Ìlà tó sì ṣáájú rẹ̀ sọ pé ọwọ́ ìfìwéránṣẹ́ ló wà nígbà tí àlàfo bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ju ohun tí ìwé sọ lọ. Nínú ìlànà ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà fún ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè: ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí wọ́n fa ẹrù lé wọn lọ́wọ́, èkejì ń sọ ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró. Nínú àwòrán wa, ti dídádúró nìkan la rí. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni wọ́n ti fà á lé aṣọ́bodè lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àpò. Àwòrán kò lè yanjú èyí. Ohun tó lè ṣe ni pé ó fún wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ ká béèrè, àti ẹni tó yẹ ká bi.

Ìyókù kò gba àkókò. Láti ọjọ́ 12 sí 16, òpin ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, Èkó sí Ìbàdàn sì ni. Ní ti ọjọ́ 17, oníkéèkì ní òun wà nílé látàárọ̀, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Kó wo fóònù rẹ̀ bóyá wọ́n pè é láago mọ́kànlá ọjọ́ náà. Bí kò bá sí ìpè, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni, kò tó ìjà.

Bí a bá fi gbogbo èyí bá ontajà sọ̀rọ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé “ẹrù mi pẹ́, ẹ dá owó mi padà.” Ohun tí oníkéèkì lè kọ sí i rèé: “Bọ̀dá, ẹ ní Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta lẹ fi ọjà ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19, ni ìfìwéránṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kò sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa sára páálí, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ mi. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?” Ontajà kò lè sá sẹ́yìn aṣọ́bodè mọ́, torí ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ẹrù tó kúrò ní Mansẹ́sítà.

Sí ìfìwéránṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà ẹrù mi nìyí. Ó dé ibùdó yín l'Ékòó lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2024, láago 6:50 àárọ̀. Ìlà tó tẹ̀lé e jẹ́ ti ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ni ẹ fà á lé aṣọ́bodè lọ́wọ́?” Ẹni tó bá rí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè fi “ẹ máa ní sùúrù” dáhùn rẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n bi í, ọjọ́ ni yóò sọ, tàbí kó gbà pé kò sí lákọsílẹ̀.

Kí ẹ so sìkírínṣọ́ọ̀tù àtilẹ̀bá mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ má fi àkọsílẹ̀ tí ẹ fọwọ́ yín ṣe nìkan ránṣẹ́. Kí ẹ sì tètè yà á, torí ìkànnì kì í tọ́jú ìtàn ẹrù títí láé. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, ẹ lè tẹ nọ́ńbà kí ẹ má rí nǹkan kan mọ́.

Tó bá jẹ́ ìwádìí gidi lẹ fẹ́ kí ìfìwéránṣẹ́ ṣe, ẹ ní kí ontajà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìlú tirẹ̀, torí òun ló bá wọn ṣe àdéhùn, òun ni rìsíìtì ìfìwéránṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà àgbáyé fún páálí àti fún ẹrù tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ ni oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń kà láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n gba ẹrù. Ọjọ́ 20, oṣù Kẹta ni kíkà ti oníkéèkì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí páálí dé Bódìjà.